Àwọ̀ Kejì Tó Ń Yẹ̀ àti Íńkì Tí Kò Jinná: Títẹ Ìborùn Méjìlá Pẹ̀lú Síkírínì

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àdìrẹ ni wọ́n ń ṣe nílé wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ síkírínì ni èmi mú. Mo tẹ ìborùn méjìlá sórí bàfùtà funfun fún oníbàárà kan, àwọ̀ méjì, íńkì olómi. Àwọ̀ kejì bá ti àkọ́kọ́ mu ní ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ, àmọ́ nígbà tí mo fi máa dé ìparí, ó ti yẹ̀ tó ìbú ìka kan. Áyọ́ọ̀nù ni mo fi ń gbẹ àwọ̀ àkọ́kọ́ kí n tó tẹ èkejì, òun náà ni mo sì fi lọ gbogbo rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mẹ́ta tí wọ́n ti fọ̀ nínú wọn ti ṣí. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?"

Ìdáhùn: Áyọ́ọ̀nù yẹn ló wà nídìí ìṣòro méjèèjì. Ẹ lò ó láàárín àwọ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì, níbi tí kò yẹ kí ooru ti kan aṣọ rárá, ẹ sì tún lò ó nígbẹ̀yìn, níbi tí ooru ti ṣe pàtàkì jù lọ, fún àkókò tó kéré jìnnà sí ohun tí íńkì ń fẹ́. Màá mú ọ̀rọ̀ yíyẹ̀ ṣáájú, nítorí pé òun ló ń bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì.

Àwọ̀ tó yẹ̀ máa ń fi ibi tí àṣìṣe ti wá han ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó. Bí àwọ̀ kejì bá yẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, sí apá kan náà, láti orí ìtẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé ti ìkẹyìn, ó túmọ̀ sí pé síkírínì kejì, ìyẹn fréèmù tí a na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí íńkì ń gbà kọjá mọ́, kò jókòó síbi tí ti àkọ́kọ́ jókòó sí, aṣọ kò sì ṣẹ̀. Bó bá yẹ̀ sọ́tùn-ún níbì kan tó tún yẹ̀ sósì níbòmíràn, láìní ètò kankan, aṣọ ń rìn lórí tábìlì ni, tàbí kẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í ti fréèmù dé ibi tó yẹ kó dé nígbà gbogbo. Bí àárín àwòrán bá bára mu tí etí rẹ̀ kò sì bára mu, aṣọ ara síkírínì kan ló dẹ̀ ju ti èkejì lọ. Èyí tó bá bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sí ìparí, irú tiyín nìyẹn, ohun kan ló sì sábà máa ń fà á: gígùn aṣọ fúnra rẹ̀ ti yí padà láàárín àwọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mo gbà pé ìborùn yín gùn tó yáàdì méjì, ìyẹn íǹṣì 72. Bí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá sún kì ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, íǹṣì 0.72 ló ti dín yẹn, ìbú ìka kan gan-an sì ni. Bàfùtà tó ti ọjà wá tí kò tíì kan omi rí lè sún kì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí pé wọ́n ti fà á ṣinṣin nílé iṣẹ́, wọ́n sì ti fi sítáàṣì mú un le. Nígbà tí ẹ tẹ íńkì olómi sórí rẹ̀, tí ẹ ká a kúrò lórí tábìlì, tí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, òwú tí wọ́n ti fà tẹ́lẹ̀ padà sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Síkírínì yín kò sún kì ní tirẹ̀, nítorí náà bí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn ni ìyàtọ̀ náà ń jọ pọ̀.

Ó yé mi ìdí tí ẹ kò fi kọbi ara sí èyí. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yálà ìyẹ́ ni wọ́n fi ya iṣẹ́ náà tàbí pánù tí wọ́n gé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Abẹ́òkúta, ẹ̀kọ ni wọ́n ń fi sára aṣọ kí wọ́n tó kì í bọ aró, kò sì sí àwọ̀ kejì tó gbọ́dọ̀ wọ àlàfo tí ti àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ẹni tó ti ibẹ̀ wá ti mọ́ra láti máa gbé aṣọ kiri bó ṣe wù ú láàárín iṣẹ́. Nínú síkírínì aláwọ̀ méjì, bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ tábìlì, kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí àwọ̀ ìkẹyìn yóò fi gbẹ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí aṣọ. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ bàfùtà náà, ẹ ṣan án dáadáa, ẹ má sì fi sítáàṣì tàbí ohun tí ń mú aṣọ rọ̀ sí i. Fífọ̀ yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń jẹ́ kí aṣọ sún kì ṣáájú kó tó dé orí tábìlì, ó sì ń yọ sítáàṣì ilé iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí íńkì wọ inú òwú. Íńkì tó jókòó sórí sítáàṣì yóò bá sítáàṣì lọ nígbà tí wọ́n bá fọ aṣọ, kódà bí ó bá jinná. Bí aṣọ bá gbẹ tí ẹ sì ti lọ̀ ọ́, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ ya ìyókù. Bàfùtà máa ń ya gbọọrọ lójú òwú, etí tí ẹ bá rí lẹ́yìn yíya ló sì máa sọ fún yín bóyá aṣọ náà tọ́ lórí tábìlì tàbí ó wọ́. Yáàdì méjìlá tó fẹ̀ ní íǹṣì 45, tí ẹ bá gé sí yáàdì méjì-méjì tí ẹ sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì lóròó, yóò fún yín ní ìborùn méjìlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 22.

Tábìlì kò ní láti jẹ́ olówó ńlá. Odindi pílíwúùdù kan, ẹsẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́rin, tó nípọn tí kò sì ń tẹ̀, ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì tó dán sórí rẹ̀, kí orí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ síkírínì, kí ẹ sì na ìtẹ́ tábìlì oníróbà lé e títí kò fi ní ní ìwúnjọ kankan. Orí róbà yìí ni ẹ óò fi gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń tẹ tíṣáàtì fi ń di ẹ̀wù mú sí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ óò sì jẹ́ kó gbẹ títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ láì rin ọwọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ lé e láti àárín lọ sí etí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má sì fà á. Aṣọ tí a fà kí ó lè bá ìlà mu yóò sún padà lábẹ́ íńkì, ohun tí a sì ń sá fún ni a tún gbé wọlé yẹn.

Ibi tí àwọ̀ ti ń bára mu gan-an kò sí lójú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Etí tábìlì ló wà. Ẹ ní kí wẹ́dà bá yín wá irin onígun tó tọ́ gbọọrọ, tó gùn tó tábìlì, kí ẹ sì fi bóòtù dè é mọ́ etí gígùn kan. Èyí ni réèlì. Lórí réèlì yìí ni ẹ óò ti fi àwọn ìdínà kéékèèké sí, ìyẹn irin kékeré tí a lè fi bóòtù dì mú níbikíbi tí a bá fẹ́. Lára fréèmù síkírínì, ní ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ réèlì, ẹ fi bóòtù méjì tó ṣeé yí síwá sẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí ẹ sì kan irin kékeré kẹta tó yọ jáde mọ́ ọn, èyí tí yóò máa kan ìdínà. Kíkan mẹ́ta péré nìyẹn. Bóòtù méjèèjì tó kan réèlì ni kì í jẹ́ kí fréèmù sún mọ́ yín tàbí jìnnà sí yín, àwọn náà ni kì í jẹ́ kó wọ́. Irin kẹta tó kan ìdínà ni kì í jẹ́ kó lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kan irin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ibòmíràn tí síkírínì tún lè gbà. Ẹ má fi bóòtù kẹta kún méjì àkọ́kọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ kó dúró le sí i, torí bí mẹ́ta bá wà lórí réèlì kan, méjì nínú wọn ni yóò máa kan an, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan.

Bí àwòrán yín bá gùn ní íǹṣì 18, ìtẹ̀ mẹ́rin ni yóò gba ìborùn kan, nítorí náà ìdínà mẹ́rin ni ẹ óò dè mọ́ réèlì, íǹṣì 18 láàárín wọn. Ẹ má wọn ìkejì láti ara ìkíní, kí ẹ tún wá wọn ìkẹta láti ara ìkejì, nítorí pé àṣìṣe kékeré tó bá wọ ọ̀kan yóò wọ gbogbo èyí tó kù. Ẹ fi orí téèpù sí ìdínà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí 18, 36 àti 54. Síbẹ̀, ẹ fiyè sí ohun kan tó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú: bí ìdínà kan bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, kò lè mú kí àwọ̀ kejì yẹ̀ kúrò lórí ti àkọ́kọ́, torí àwọ̀ méjèèjì ń kan ìdínà kan náà. Àlàfo tàbí ìgorí ni ẹ óò rí láàárín ìtẹ̀ kan àti èkejì. Ẹni tó bá ń sún ìdínà kiri nítorí pé àwọ̀ ń yẹ̀ ń wá nǹkan níbi tí kò sọnù sí ni.

Àmì àgbélébùú kékeré méjì ni ẹ óò fi sí etí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e wọ síkírínì. Ẹ tẹ àwọ̀ àkọ́kọ́ sórí bébà funfun tí ẹ lẹ̀ mọ́ tábìlì ní ìdínà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì gbé síkírínì kejì síbẹ̀. Ẹ óò máa wo àmì náà láti ojú síkírínì, ẹ óò sì máa yí bóòtù méjèèjì àti irin kẹta títí àmì yóò fi gorí àmì. Nígbà náà ni kí ẹ tó fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n pa, kí ẹ sì fi téèpù bo ojú àmì náà nínú síkírínì méjèèjì kí wọ́n má bàa hàn lára aṣọ. Mo fẹ́ràn kí ẹ tẹ bébà kejì láti fi dán an wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti de nọ́ọ̀tì tán, torí dídè gan-an lè yí bóòtù díẹ̀. Nínú yíya àwòrán fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ tó ṣókùnkùn gun etí èyí tó mọ́lẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà kan, kí ẹ sì tẹ èyí tó mọ́lẹ̀ ṣáájú. Mílímítà kan yẹn ni yóò bo ìyẹ̀ kékeré tí kò sí ẹni tó lè sá fún lórí aṣọ.

Nígbà títẹ̀, ẹ má tẹ ìkíní, ìkejì, ìkẹta tẹ̀ léra. Fréèmù máa ń tóbi ju àwòrán lọ, nítorí náà yóò jókòó lé íńkì tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò sì gbé e lọ síbòmíràn. Ìdínà kìíní àti ìkẹta ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ dúró kí wọ́n gbẹ, kí ẹ tó tẹ ìkejì àti ìkẹrin. Fún bàfùtà, aṣọ síkírínì tó ní òwú 43 nínú sẹ̀ǹtímítà kan ló dára, síkúwíìjì, ohun èlò oníróbà tí a fi ń fa íńkì lórí síkírínì, tí róbà rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ló sì yẹ, fífà méjì ní ìwọ̀n agbára kan náà. Fáànù nìkan ló yẹ kó gbẹ íńkì láàárín àwọ̀ méjèèjì. Bó bá jẹ́ àsìkò òjò, yóò pẹ́ díẹ̀; ẹ fọwọ́ kàn án, bí kò bá rin ìka, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Ẹ wàyí o, ọ̀rọ̀ ṣíṣí. Gbígbẹ yàtọ̀ sí jíjinná. Nínú íńkì olómi, àwọ̀ kì í wọ inú òwú bí aró ṣe ń wọ̀ ọ́. Báíńdà ló ń di àwọ̀ mú mọ́ òwú, ohun kan tó dà bíi róbà tó fọ́n káàkiri inú omi. Bí omi bá ti fẹ́, íńkì á gbẹ, ojú á sì rí i pé iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n báíńdà kò tíì so mọ́ ara rẹ̀. Ooru ló ń so ó. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú íńkì wọ̀nyí máa ń béèrè nǹkan bíi 150°C sí 160°C fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà lára agolo tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irin bá kan aṣọ, ìgbà tí íńkì fúnra rẹ̀ bá gbóná dé ibẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá ṣì wà nínú íńkì, ooru á kọ́kọ́ lọ sórí lílé omi náà, íńkì kò sì ní gbóná ju ìwọ̀n tí omi fi ń hó lọ títí omi yóò fi tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí aṣọ sá di ọjọ́ kejì kí ooru tó kàn án, kí ẹ má sì fi omi sínú áyọ́ọ̀nù tó ń tu ooru omi jáde.

Ẹ tún bá mi ṣírò. Ibi tí íńkì wà lára ìborùn yín gùn ní íǹṣì 72, ó fẹ̀ ní íǹṣì 20, èyí sì jẹ́ íǹṣì 1,440 níbùú àti lóòró. Ojú áyọ́ọ̀nù ilé kan lè bo nǹkan bíi 36 nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi ogójì ni ẹ óò gbé e lé nìyẹn, bí ibì kọ̀ọ̀kan bá sì gba ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsún, wákàtí méjì ni ìborùn kan, wákàtí mẹ́rìnlélógún sì ni méjìlá. Ẹni tó bá ń ti áyọ́ọ̀nù lọ bọ̀ bí ìgbà tí a ń lọ aṣọ ìjáde kò fún ojú kan ní ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Kò yà mí lẹ́nu pé mẹ́ta ti ṣí. Ohun tó yẹ kí ẹ máa bẹ̀rù ni pé mẹ́sàn-án yòókù rí bákan náà.

Fún iye aṣọ tó tó báyìí, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ tíṣáàtì, kí ẹ háyà ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní híìtì pírẹ̀ẹ̀sì fún ọjọ́ kan. Èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 15 sí 15 wọ́pọ̀. Ìborùn kan yóò gba títẹ̀ mẹ́wàá níbẹ̀, márùn-ún lóròó, méjì níbùú. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, ààbọ̀ wákàtí ni, gbogbo méjìlá yóò sì parí láàárín wákàtí mẹ́fà. Ẹ fi bébà tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan sí àárín irin àti íńkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ṣí i kí ọ̀rinrin tó kù jáde, kí ẹ tó wá tì í pa fún àkókò tó kù. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà tó hàn lójú ẹ̀rọ nìkan, nítorí pé etí irin máa ń tutù ju àárín lọ nínú ẹ̀rọ tó ti gbó. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ooru láti òkèèrè yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn yín bí ẹ bá nà án sí irin náà gbàrà tí ẹ ṣí i. Bí bàfùtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí wàrà tó ti pẹ́, ooru ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù, kí ẹ sì fi àkókò kún un.

Ẹ má fi ìborùn oníbàárà dán iṣẹ́ wò. Lójoojúmọ́ tí ẹ bá pò íńkì, ẹ tẹ ẹ̀já kan sára bàfùtà kan náà, ẹ jẹ́ kó jinná pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ẹ sì gé e sí méjì. Ẹ tọ́jú ìdajì, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìdajì kejì, kí ẹ fi ọwọ́ bó o dáadáa bí àwọn tó ń fọṣọ ṣe máa ń bó o. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi aṣọ funfun tútù ra ojú íńkì ìdajì náà nígbà mẹ́wàá. Bí àwọ̀ bá yọ sára aṣọ funfun náà, ẹ kò tíì ṣe tán.

Ó ṣeé ṣe kí íńkì jinná dáadáa kí ó sì ṣì máa yọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ni ẹ fi sínú rẹ̀ jù. Iye àwọ̀ tí báíńdà lè dì mú ní òpin, gíráàmù mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù íńkì sì ti wà nítòsí òpin yẹn. Ẹni tó bá ń wá búlúù tó ṣókùnkùn bí aró, tó sì ń da àwọ̀ lé àwọ̀, yóò rí i lórí tábìlì, kò sì ní rí i mọ́ lẹ́yìn ìfọ̀ kejì. Omi tí a fi ń la íńkì náà ń ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bó bá pọ̀. Àwọn kan ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní fíksà, tí a máa ń pò mọ́ íńkì kí ó lè jinná fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ láìsí ooru tó pọ̀. Ó wúlò fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó wà lára ìgò kò ṣeé fojú dá, íńkì tí ẹ bá sì ti pò mọ́ ọn kò ní ṣeé lò mọ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ìwọ̀nba tí ẹ óò lò ní ìjókòó kan ni kí ẹ pò.

Ní ti àwọn ìborùn tó wà nílẹ̀ báyìí, mẹ́ta tí wọ́n ti fọ̀ kò ṣeé gbà là, nítorí báíńdà tí ì bá so mọ́ òwú ti bá omi lọ. Mẹ́sàn-án tó kù ṣì ṣeé gbà là, bí omi kò bá tíì kàn wọ́n. Ẹ bẹ oníbàárà yín kó má ṣe fọ̀ wọ́n, ẹ gbà wọ́n padà, kí ẹ sì kó wọn lọ sábẹ́ híìtì pírẹ̀ẹ̀sì bí mo ṣe là á sílẹ̀. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni yóò gbà yín. Ooru tó dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣì ń so báíńdà bí èyí tó dé ní ọjọ́ kejì. Yíyẹ̀ tó wà lára wọn kò ní kúrò, ẹ ó sì bá oníbàárà jókòó lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn yóò dúró, àyàfi níbi tí íńkì bá ti jókòó sórí sítáàṣì.